Fóònù fẹ́èkì, oògùn fẹ́èkì: ẹ má gba ẹ̀rí lẹ́nu páálí

Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC kó àwọn agbófinró lẹ́yìn, wọ́n lọ ti ọjà oògùn ńlá 3 pa: ti Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ti Onítṣà, àti ti Ábà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì o, odindi ọjà ni, wọ́n lé gbogbo èèyàn jáde, wọ́n wá ń wo inú ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ sínú tírélà. Oògùn àyédèrú wà níbẹ̀, èyí tí déètì ẹ̀ ti kọjá wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba ò fọwọ́ sí rárá náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi tì í pa, àwọn kan ń ké pé ìyà ń jẹ àwọn, àwọn kan ní ó ti yẹ kó ṣẹlẹ̀ tipẹ́.

Èmi ò fẹ́ dá sí ìjà yẹn. Ohun tó kàn èmi àtẹ̀yin tá a máa ń ra nǹkan ni pé Ìdúmọ̀tà kì í ṣe ibi tí ẹ máa ń lọ ra paraṣitamọ́ọ̀lù 2, ibi tí kẹ́mísìtì àdúgbò yín ti ń lọ kó ọjà ni. Oògùn á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé, á dọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní páálí páálí, á dọ́wọ́ ẹni tó ń pín in, kó tó wá dé orí àtẹ Màmá Sẹ́gun tó wà lójú títì yín. Màmá Sẹ́gun lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kó má purọ́ rí, síbẹ̀ kó máa ta fẹ́èkì fún yín torí òun náà ò mọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í nìyẹn, à ń wo ojú ẹni tó ń tajà dípò ká wo ọjà.

Fóònù náà ò yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe fẹ́èkì mọ ohun tá à ń wò, wọ́n mọ̀ pé a máa wo páálí, a máa wo náílọ́ọ̀nù tó wé e, a máa wo sítíkà, a máa wo bóyá nọ́ńbà wà lára ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń náwó sórí páálí ju ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ẹni tó ń tajà bá lè nà sí yín láti wò, ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Torí náà àyẹ̀wò tó bá máa níláárí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìdáhùn ẹ̀ ò ti ọwọ́ ẹni tó ń tà á wá.

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù kan ṣe é. Ká ní ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí lórí Fesibúùkù ní òun ń ta Galaxy S23 Ultra, ó ní òun ra á fún ìyàwó òun ni ìyàwó ò fẹ́ ẹ mọ́, iye tó pè é ò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní Kọ̀mpútà Fílẹ́èjì n'Íkẹjà. (Ìyàwó àwọn èèyàn yìí kì í fẹ́ fóònù rárá, mi ò mọ ohun tó fà á.) Ẹ dé ibẹ̀, ẹ gbà á mọ́wọ́, ó wúwo, ó ń dán, bírò tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú ẹ̀ ń yọ nísàlẹ̀, kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pé. Ẹ wọ `Settings`, ẹ lọ sí `About phone`, ó kọ Galaxy S23 Ultra síbẹ̀ gàdàgbà, RAM 12GB, ibi ìkó-nǹkan-sí 512GB. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kówó sílẹ̀ níbi tá a dé yìí, bẹ́ẹ̀ a ò tíì yẹ nǹkan kan wò. Ẹni tó ṣe àyédèrú ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ 512GB yẹn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, ohun tó wà nínú lóòótọ́ lè má ju 16GB lọ. Ẹ̀yin á gbé e lọ sílé, á ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àyè ò sí mọ́ nígbà tí `Settings` ṣì ń sọ pé àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, tàbí kí fídíò tí ẹ gbà sílẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá yín kọ̀ kó má ṣí.

Torí náà ẹ tan hotspot fóònù tiyín, ẹ fi dátà tiyín ṣe é. Ẹ wọ Play Store, ẹ wa áàpù kan tó ń jẹ́ CPU-Z jáde, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e sórí fóònù yẹn. Ohun tí áàpù yìí ń ṣe ni pé ó máa ń lọ bi ẹ̀rọ inú fóònù fúnra ẹ̀ pé kí lorúkọ ẹ, kì í ka ohun tí wọ́n kọ sí `About phone`. S23 Ultra tó jẹ́ ojúlówó, ibi yòówù tí wọ́n bá ti tà á láyé, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Snapdragon 8 Gen 2 ló wà nínú ẹ̀. Tó bá kọ MediaTek síbẹ̀, tàbí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MT àti nọ́ńbà mẹ́rin, ẹ dá fóònù padà fún un, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ má bá a jà. Àwọn ọ̀gá nínú àwọn onífẹ́èkì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan áàpù yìí jẹ nígbà míì, ìyẹn ni ẹ ò ṣe ní fi mọ síbẹ̀. Nínú Play Store yẹn náà, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, ẹ wọ `Settings`, ẹ wọ `About`, ẹ máa rí `Play Protect certification`. Fóònù gidi máa kọ `Device is certified`. Tó bá kọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Gúgù fúnra ẹ̀ ò mọ fóònù yẹn rí, tàbí kẹ̀ ẹnì kan ti tú inú ẹ̀ palẹ̀, èyí ó wù kó jẹ́ ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ.

Ẹ wá lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń pe nọ́ńbà, ẹ tẹ èyí:

```
*#0*#
```

Sámúsọ́ọ̀ngì ojúlówó máa ṣí ojú ewé kan tó kún fún bọ́tìnì, Red, Green, Blue, Touch, àtàwọn míì, tẹ́ ẹ lè fi yẹ ojú fóònù àti sípíkà ẹ̀ wò. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn àyédèrú á kàn wò yín ni. Mo ní èyí tó pọ̀, torí àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kan tà máa ń ti ibẹ̀ pa, nítorí náà tí kò bá ṣí, ẹ má tíì pariwo olè, ẹ fi kún èyí tí ẹ ti rí tẹ́lẹ̀ ni.

IMEI ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ẹ tẹ `*#06#`, òótọ́ sì ni, ẹ tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà 15 ló máa jáde, 8 àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ ló ń sọ irú fóònù tó jẹ́. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí, ẹ fi wé èyí tó wà nínú `About phone`, ẹ tún fi sórí ibi tí wọ́n ti ń yẹ IMEI wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rí orúkọ fóònù tó máa mú jáde. Tó bá mú orúkọ fóònù míì jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ tó bá mú S23 Ultra jáde ńkọ́? Ibí gan-an ni wọ́n ti ń mú àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n. Onífẹ́èkì lè lọ wo IMEI lára fóònù gidi kan ní ṣọ́ọ̀bù, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn sínú ẹgbẹ̀rún àyédèrú. Ìkànnì tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀ ò purọ́ fún yín, nọ́ńbà yẹn wà lóòótọ́, fóònù S23 Ultra ló sì ni ín, kì í kàn án ṣe eléyìí tó wà lọ́wọ́ yín ni. Torí náà IMEI tí kò bá bára mu lè fi hàn yín pé fóònù ò dáa, àmọ́ èyí tó bára mu ò lè fi hàn pé ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún `checkcoverage.apple.com` tí wọ́n fi ń yẹ nọ́ńbà síríà áífóònù wò.

Ní ti áífóònù, ìṣòro ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àyédèrú ẹ̀ wà, Áńdírọ́ìdì tí wọ́n wọ aṣọ áífóònù fún, ìyẹn ò ṣòro láti mú, ẹ tẹ App Store kẹ́ ẹ wò ó bóyá Play Store ló máa ṣí. Èyí tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún jù ni áífóònù gidi tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ṣì ni ín, tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé 11 lọ sókè ni, ẹ wọ `Settings`, `General`, `About`, tẹ́ ẹ bá rí `Parts and Service History` níbẹ̀, ẹ ṣí i, á sọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀, èyí tí wọ́n bá kọ `Unknown Part` sí kì í ṣe ojúlówó tàbí kò sẹ́ni tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, ẹ lè fi já owó ẹ̀ wálẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ni kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń tà á nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò lójú yín, kó lo `Erase All Content and Settings`, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Wáìfáì. Tó bá ti ń bèèrè páásíwọ́ọ̀dù ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, fóònù olóhun ni, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín ṣí i. Ẹni tó bá sọ pé òun ò lè nù ún torí fọ́tò òun wà lórí ẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ máa dúró kó kó fọ́tò ẹ̀ kúrò.

Tẹ́ ẹ bá wá ti yẹ fóònù wò tán, kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín mọ́. Láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni wọ́n ti ń ṣe é n'Íkẹjà, fóònù tẹ́ ẹ dán wò dáa, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú un wá káwọn bá yín fi sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ dé ilé, fùfú ló wà nínú páálí. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ IMEI fóònù yẹn sí i, ìyẹn náà ló máa gbà yín tí ọlọ́pàá bá wá fóònù tí wọ́n jí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò fẹ́ kọ rìsíìtì, tó ní kẹ́ ẹ sanwó sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ tiẹ̀ má wulẹ̀ tan hotspot.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oògùn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Fóònù fẹ́èkì á fi ara ẹ̀ hàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó yín á lọ, ẹ̀yin á wà. Oògùn ò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ ní 2017 pé nínú oògùn 10 tó ń kiri ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bí 1 nínú ẹ̀ ló jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá sì lo oògùn ibà tó jẹ́ ẹfun lásán ni wọ́n pọ̀ mọ́ra, kì í sọ pé oògùn yìí ò dáa. Á ní ibà yìí le, á lọ lo òmíì lé e lórí, ọjọ́ kẹta á lọ gba abẹ́rẹ́, tó bá tún pẹ́ sí i, wọ́n á ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Oògùn yẹn ò ní jẹ́bi títí dópin.

Ká ní oògùn ibà ẹlẹ́kóró 6 ni ẹ fẹ́ rà, èyí tí wọ́n kọ 80/480 sí, tí àgbàlagbà ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 3. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé odindi páálí fún yín, kì í ṣe kóró tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Ẹ yọ káàdì tí wọ́n to kóró sí jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú `Batch No.` lára páálí, ìyẹn nọ́ńbà báàṣì, àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ́dọ̀ bá ti ara káàdì mu gẹ́lẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ náà gbọ́dọ̀ bára mu. Àwọn tó ń yí déètì oògùn tó ti kọjá máa ń tún páálí tẹ̀ torí ìyẹn ló rọrùn, kì í yá wọn lára láti tún káàdì ṣe, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Ẹ fi àtàǹpàkò nu déètì yẹn, tí íńkì ẹ̀ bá ń kúrò, tàbí tí sítíkà bá wà lórí ẹ̀ tí nǹkan míì sì wà lábẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ẹ wá mú fóònù yín, ẹ wọ `greenbook.nafdac.gov.ng`, ibẹ̀ ni NAFDAC kó orúkọ àwọn oògùn tó fọwọ́ sí sí. Ẹ fi nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí wá a, tàbí orúkọ oògùn. Kì í ṣe kí nọ́ńbà yẹn kàn jáde ló ṣe pàtàkì, torí onífẹ́èkì lè yá nọ́ńbà oògùn míì lò bí wọ́n ṣe ń yá IMEI. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá orúkọ oògùn, agbára ẹ̀, àti iléeṣẹ́ tó ṣe é bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu. Tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà tó wà lára oògùn ibà, tó wá mú orúkọ oògùn ikọ́ jáde, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ọ̀pọ̀ oògùn ibà àti àwọn antibayọ́tíìkì tún ní ibi kan lára páálí tẹ́ ẹ máa họ bíi káàdì tí wọ́n fi ń ra áátáìmù. Nọ́ńbà máa yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ ní tẹ́ẹ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ sí nọ́ńbà kúkurú tó wà níbẹ̀, 38353 ni ọ̀kan tó wọ́pọ̀, wọ́n á dá yín lóhùn bóyá ojúlówó ni. Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni nọ́ńbà abẹ́ yẹn wúlò fún, ẹni tó bá daakọ páálí gidi kan ní ìgbà 1,000, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n á dá lóhùn dáadáa, àwọn tó kù á gbọ́ pé wọ́n ti lò ó. Fún ìdí yìí, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti họ tẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tajà bá yín fi fóònù tiẹ̀ ránṣẹ́, kó wá ní ẹ wò ó, wọ́n ní ó dáa. Àléébù kan wà níbẹ̀ o, ẹni tó tẹ páálí jáde lè tẹ nọ́ńbà tiẹ̀ síbẹ̀ kóun fúnra ẹ̀ máa dá yín lóhùn, ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ti NAFDAC.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣe gbogbo èyí, ṣé ó ti tán? Ẹ jẹ́ n rán yín létí oògùn ọmọdé kan tó ń jẹ́ My Pikin, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń yọ eyín ní 2008. Kì í ṣe àyédèrú o. Iléeṣẹ́ tó láṣẹ ló ṣe é l'Ékòó, NAFDAC mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà ẹ̀ ò lẹ́bi. Àmọ́ ọ̀kan nínú èròjà tí wọ́n fi ń po oògùn náà, ọwọ́ oníkẹ́míkà kan tí kò ní láísẹ́ńsì ni iléeṣẹ́ náà ti lọ rà á, kẹ́míkà míì tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ ló sì wà níbẹ̀ dípò ẹ̀. Ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ, wọn ò tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló kú. Ní 2013 ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà 2 lẹ́wọ̀n ọdún 7, ó ní kí wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa. Kò sí ohun tí ìyá kankan lè yẹ̀ wò lára ìgò yẹn kó fi mọ̀.

Ohun tó lè gba èèyàn sílẹ̀ nírú ìyẹn ni kí ìkìlọ̀ tètè dé etí ẹ. Tí NAFDAC bá ti rí oògùn tí ò dáa, ó máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde lórí ìkànnì ẹ̀, nọ́ńbà báàṣì ló sì máa ń kọ síbẹ̀, torí oògùn kan náà lè dáa ní báàṣì kan kó burú ní òmíì. Ẹni tó bá ti ju páálí nù, tó kó kóró oògùn sínú ike mìlíìkì, ò lè mọ̀ bóyá tòun ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà ẹ tọ́jú páálí àti rìsíìtì títí tẹ́ ẹ máa fi lo oògùn yẹn tán, tàbí kẹ́ ẹ ya fọ́tò ibi tí `Batch No.` wà. Ẹ lọ síbi tí fámásísìtì wà, tí láísẹ́ńsì ọdún yìí wà lára ògiri, torí ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kẹ́ ẹ padà sí. Oògùn inú bọ́ọ̀sì àti ti ẹni tí ẹ bá pàdé lórí Wọ́sáàpù ò ní ibi tẹ́ ẹ máa padà sí. Tí oògùn bá sì ṣe yín bákan, tàbí kò ṣe nǹkan kan rárá lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹ kọ́kọ́ lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ mú èyí tó ṣẹ́kù àti páálí ẹ̀ dání. Ẹ lè fi áàpù tó ń jẹ́ Med Safety fi ẹjọ́ sùn, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó bá wà nítòsí, àmọ́ ẹ má jẹ kóró tó kù tán, ẹ má sì jù ú nù, torí òun ni wọ́n máa gbé lọ sí láàbù.